Kọnkéré Tó Rí Bí Ọ̀rá: Bí A Ṣe Lè Ṣàpèjúwe Ojú Kọnkéré Kí Rẹ́ńdà Má Baà Tan Oníbàárà Jẹ

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé ni ó kó mi sínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún un: iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Iṣẹ́ náà kò tóbi. Bíìmù kan tó gba òkè ẹnu ṣọ́ọ̀bù kọjá, òpó méjì lábẹ́ rẹ̀, ògiri kúkúrú kan ní ẹ̀gbẹ́ tí àwọn oníbàárà máa ń fara tì, àtẹ̀gùn méjì, àti ilẹ̀ inú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo rẹ̀ kọnkéré ni, wọn ò sì fẹ́ kun ún lọ́dà. Ẹ̀gbọ́n mi ya á, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gbé e lọ fún ìyá náà.

Màmá wo àwòrán náà, wọ́n ní: "Ta ló fi ọ̀rá wé ṣọ́ọ̀bù mi?"

Ẹ̀gbọ́n mi bínú díẹ̀, àmọ́ òótọ́ ni màmá sọ. Bíìmù yẹn ń dán bí ike. Ohun tó wá burú jù ni pé, nínú gbogbo àwòrán náà, ògiri kúkúrú yẹn nìkan ni màmá fẹ́ràn. Òkúta róbótó róbótó ni wọ́n rí lára rẹ̀, bíi ti etí odò, wọ́n ní ó wuyì, wọ́n sì ní kí bírìkìlà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi irú òkúta tí bírìkìlà fẹ́ lò. Ó ní gíráníìtì tí wọ́n fi ń da dẹ́kì ni. Ẹ rí i, gíráníìtì tí ẹ̀rọ fọ́ kì í ṣe róbótó. Etí rẹ̀ mú. Aṣọ léèsì ni màmá ń tà, ara ògiri yẹn sì ni wọ́n máa ń gbé e lé kí oníbàárà lè wò ó nínú ìmọ́lẹ̀. Ká ní wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, gbogbo léèsì tó bá kan ara ògiri náà ni òkúta á máa fà ya.

Kí ló fà á? Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi ìwé tí ayàwòrán ilé kọ ránṣẹ́ hàn mí. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nípa ojú kọnkéré kò ju gbólóhùn kan lọ: bíìmù alámì pákó, ilẹ̀ tí wọ́n lọ̀ dán, ògiri olókùúta. Ẹ̀gbọ́n mi wá lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó wa bátànì mẹ́ta tó jọ orúkọ wọ̀nyẹn, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ilé. Orúkọ nìkan kò tó. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni irú pákó wo, ó fẹ̀ tó mélòó, òkúta tó tóbi tó kí ni, ó yọ síta tó mélòó, àti ibo ni oòrùn ń gbà bọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gbéra lọ sí Ọjà Ọba pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n, tọ́ọ̀ṣì àti fóònù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a rí.

Bíìmù ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló le jù. Ẹ mọ̀ pé kọnkéré tútù kò ní ojú tirẹ̀. Ojú àpótí tí káfíńtà kàn fún un ló máa ń gbé wọ̀, bí mọ́ínmọ́ín ṣe máa ń gbé ojú ewé tàbí agolo wọ̀. Bí pákó bá ní ìlà, kọnkéré á ní ìlà. Bí ìṣó bá yọ orí, kọnkéré á ní ihò kékeré níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, símẹ́ǹtì ni bírìkìlà sábà máa ń fi rẹ́ ẹ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa kò fi mọ bí ojú kọnkéré gan-an ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ilé alájà tí wọn ò tíì kọ́ tán, kí ẹ gbójú sókè wo abẹ́ dẹ́kì, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ayàwòrán ilé kan tó ń jẹ́ Dẹ́nísì Lásídùn mọ̀ọ́mọ̀ fi irú ojú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lára Tíátà Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣí ní ọdún 1976, àwọn èèyàn sì ṣì ń lọ ya fọ́tò rẹ̀ títí dòní.

Pákó ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bátànì tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì jọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀. Igi ìlú òtútù máa ń dàgbà kíákíá nígbà ooru, ó sì máa ń fà sẹ́yìn nígbà òtútù, nítorí náà ìlà ọdún rẹ̀ máa ń hàn ketekete, ọ̀kan rọ̀, ọ̀kan le. Kókó ẹ̀ka náà sì máa ń pọ̀ lára rẹ̀. Arẹ̀rẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ pákó wa ń là kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà ọdún rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, kókó kì í sì í pọ̀ lára rẹ̀ torí igi náà ga gbọọrọ kó tó yọ ẹ̀ka. Ohun tó máa ń hàn jù lára kọnkéré tí wọ́n dà sínú pákó arẹ̀rẹ̀ ni àmì eyín ayùn, ìlà wẹ́wẹ́ tó dábùú pákó, tó sún mọ́ra wọn, tí kò sì jinlẹ̀ tó mìlímítà kan. Bí ẹ bá rí rẹ́ńdà ilé Àkúrẹ́ tí kókó igi kún ara kọnkéré rẹ̀ bí ojú àgbọ̀nrín, ẹ mọ̀ pé pákó òkè òkun ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìwọ̀n pákó tún ṣe pàtàkì. Òpó ṣọ́ọ̀bù màmá jẹ́ ínṣì 9 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 225 mìlímítà. Pákó tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ kọnkéré sábà máa ń fẹ̀ tó ínṣì 12. Káfíńtà á kàn gé e sí ínṣì 9, pákó kan ṣoṣo ló máa bo ojú òpó kọ̀ọ̀kan, lóòró. Nítorí náà kò sí ìlà ìpàdé pákó kankan láàárín òpó. Inú rẹ́ńdà ẹ̀gbọ́n mi, pákó tóóró mẹ́rin ló wà lójú òpó kan! Kò sí káfíńtà tó máa ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì sanwó rẹ̀.

Bíìmù ní tirẹ̀ ga tó 450 mìlímítà. Ayàwòrán fẹ́ pákó mẹ́ta tó fẹ̀ tó 150 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìbú. Ìlà ìpàdé méjì ló máa wà, àlàfo díẹ̀ sì máa ń wà láàárín pákó àti pákó. Omi símẹ́ǹtì á gba ibẹ̀ jáde, á gan, á wá di etí tínrín kan tó yọ síta bíi mìlímítà 2. Etí yìí ló ń jẹ́ kí ojú èèyàn gbà pé pákó ni wọ́n fi ṣe é. Kì í tọ́ gérégé o. Yóò yọ níbì kan, yóò kán níbòmíràn, yóò pòórá níbi tí pákó ti fún mọ́ra.

Ohun méjì míràn tún wà tí tọ́ọ̀ṣì fi hàn wá nígbà tí a gbé e sún mọ́ ògiri kan tí wọn ò rẹ́, tí a sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rá lára ògiri. Àkọ́kọ́ ni ihò afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá da kọnkéré, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń gòkè, díẹ̀ á sì há sára pákó. Nítorí náà ihò wọ̀nyí máa ń pọ̀ lápá òkè ibi tí wọ́n dà lẹ́ẹ̀kan ju ìsàlẹ̀ lọ, wọ́n sì kéré, láti mìlímítà kan títí dé bíi 10. Bí kọ̀ǹpútà bá fọ́n wọn káàkiri bákan náà, ojú á kọ̀ ọ́. Èkejì ni àwọ̀. Pákó tuntun máa ń fa omi lára kọnkéré, ibẹ̀ á sì dúdú díẹ̀; pákó tí wọ́n ti lò rí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, kì í fa omi tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ á mọ́lẹ̀ díẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àdàpọ̀ pákó tuntun àti àlòkù ni káfíńtà wa ń lò, pákó kọ̀ọ̀kan á ní àwọ̀ tirẹ̀ lára bíìmù kan náà.

Ó dáa. Ṣé gbogbo èyí á hàn nínú rẹ́ńdà? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré. Ṣọ́ọ̀bù màmá kọjú sí gúúsù. Àkúrẹ́ wà ní bíi dígírì 7 àti díẹ̀ ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà lọ́sàn-án gangan ní apá ìparí oṣù Kejìlá, oòrùn máa ń wà ní gúúsù, ó sì máa ń ga tó bíi dígírì 59. Òjìji tí etí kọnkéré tó dábùú máa jù sí ìsàlẹ̀ lára ògiri nìyí:

```
L = h × tan(59°)
L = 2 mm × 1.66 = 3.3 mm
```

Etí mìlímítà 2 yóò ju òjìji tó lé ní mìlímítà 3. Àwòrán ẹ̀gbọ́n mi gba mítà 6 láti òsì dé ọ̀tún, ó sì fi píkísẹ́lì 1920 ṣe é. Píkísẹ́lì kan wá jẹ́ bíi mìlímítà 3.1. Òjìji náà kò ju píkísẹ́lì kan lọ, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn ni. Bó bá ṣe é ní 4000, píkísẹ́lì kan á jẹ́ mìlímítà 1.5, òjìji á gba píkísẹ́lì méjì, ojú á sì rí i. Àmì eyín ayùn tí kò tó mìlímítà kan kò ní hàn bí ìlà láéláé ní irú ìjìnnà yẹn. Iṣẹ́ tó kù fún un ni láti jẹ́ kí ojú kọnkéré kú, kó má dán. Ẹ̀gbọ́n mi ti lo wákàtí méjì lórí àmì ayùn tí ẹnikẹ́ni kò lè rí, ó sì fi ìdán sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìdán yẹn gan-an ni ọ̀rá tí màmá rí.

Lára òpó ńkọ́? Ìlà pákó ibẹ̀ lóòró ni. Oòrùn ọ̀sán ń rọ̀ wálẹ̀ ní ọ̀nà kan náà tí ìlà ń gbà lọ, nítorí náà kò sí òjìji gidi. Oòrùn àárọ̀ tàbí ti ìrọ̀lẹ́ tó ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ ló máa fi ìlà òpó hàn. Tí ẹ bá fẹ́ kí oníbàárà rí méjèèjì, ẹ ṣe àwòrán méjì ní wákàtí méjì. Ní oṣù Kẹfà sì rèé, oòrùn ọ̀sán wà ní àríwá wa, iwájú ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí gúúsù á wà nínú òjìji, gbogbo ojú á sì rí pẹlẹbẹ. Ìyẹn náà, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi kò sọ irú oṣù tí oòrùn inú rẹ́ńdà rẹ̀ jẹ́, ó kàn gbé e síbi tó wù ú.

Àwọn tó ń lo Blender, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́. Bump kì í gbé nǹkankan sókè ní ti gidi, ó kàn ń tan ìmọ́lẹ̀ jẹ ni, kì í sì í ju òjìji. Etí mìlímítà 2 nílò Displacement, kí ẹ sì pín ojú náà sí wẹ́wẹ́ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò sí ohun tó máa gbéra. Nínú ètò mátíríà, ẹ wò ó bóyá "Bump Only" ló wà níbẹ̀. Ẹ yí i sí "Displacement and Bump". Mítà ni Blender ń kà, nítorí náà bí ẹ bá fi Scale sílẹ̀ sí 1, kọnkéré yín á yọ òkè bí òkè Ìdànrè. Èyí tí a lò nìyí:

```
Displacement > Midlevel: 0.5
Displacement > Scale: 0.004
Image Texture > Color Space: Non-Color
```

0.004 yẹn túmọ̀ sí pé láti ibi tó rẹlẹ̀ jù dé ibi tó ga jù kò ju mìlímítà 4 lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbàgbé ìlà kẹta, ó fi àwòrán gíga sílẹ̀ bíi pé fọ́tò aláwọ̀ ni, ibi tó yẹ kó wà láàárín wá rọ̀ sísàlẹ̀. A fi ìdajì ọjọ́ wá àṣìṣe yẹn, ẹ ò rí nǹkan.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sórí ògiri kúkúrú àti ilẹ̀. Mo fẹ́ sọ méjèèjì pọ̀, torí ohun kan náà ni wọ́n ní nínú: òkúta tó ń hàn. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú ohun tí wọ́n ṣe sí òkúta náà.

Kọnkéré tó yọ òkúta síta, fífọ̀ ni wọ́n ń fọ̀ ọ́. Kí símẹ́ǹtì ojú rẹ̀ tó le tán, wọ́n á fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò, òkúta á wá yọrí. Kò yẹ kí òkúta yọ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa já bọ́. Òkúta tí wọ́n fẹ́ lò fún màmá jẹ́ ìdajì ínṣì, bíi 12 mìlímítà. Ó máa yọ tó mìlímítà 4, òjìji á sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti tẹrásò, lílọ̀ ni. Bí ó bá ti le, wọ́n á gbé ẹ̀rọ lé e, wọ́n á fi òkúta ìlọ̀ tó rí háráhárá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó kúná jù ú lọ títí á fi dán. Ẹ̀rọ yẹn máa ń gé orí òkúta dànù ni. Nítorí náà òkúta inú tẹrásò dà bí ìpẹ́pẹ́ iṣu tí ọ̀bẹ gé, pẹlẹbẹ, ó dọ́gba pẹ̀lú símẹ́ǹtì tó yí i ká. Kò ní òjìji rárá.

Bí ẹ bá rí tẹrásò nínú rẹ́ńdà tí òkúta rẹ̀ wú sókè, àwòrán gíga ni ẹnì kan fi sí ibi tí kò yẹ. Odo ni Displacement tẹrásò. Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ni Roughness, nítorí òkúta máa ń gba ìdán ju símẹ́ǹtì lọ. A fi 0.2 sí òkúta, 0.35 sí símẹ́ǹtì. Bí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀nà bá wá hàn lórí ilẹ̀, etí rẹ̀ á já díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń kọjá lórí òkúta kọ̀ọ̀kan. Láti ẹnu ọ̀nà dé ibi káńtà, níbi tí ẹsẹ̀ àti iyẹ̀pẹ̀ ọjà ti ń gbà kọjá, a gbé e sókè sí 0.5, torí ibẹ̀ á ti pa ìdán láàárín ọdún mélòó kan. Nọ́mbà wọ̀nyí kì í ṣe òfin o. Ojú la fi wọ̀n ọ́n, a gbé fọ́tò tẹrásò kan tó wà nínú ọjà sí ẹ̀gbẹ́ kan kọ̀ǹpútà, rẹ́ńdà sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Bátànì olókùúta tí ẹ̀gbọ́n mi lò ní àṣìṣe méjì. Ìwọ̀n ni ìkíní. Mo kà á: òkúta márùn-ún péré ló wà nínú ìbú 300 mìlímítà. Òkúta kọ̀ọ̀kan wá tó 60 mìlímítà, bí ẹyin adìẹ. Òkúta ìdajì ínṣì tó sún mọ́ra yẹ kó tó bíi 20 sí 25 nínú ààyè yẹn. Kíkà báyìí ni ọ̀nà tó yá jù láti mú àṣìṣe ìwọ̀n, ẹ kò nílò ohun kankan ju ìka lọ. Èkejì ni ìrísí, bí mo ṣe sọ níṣàájú. Òkúta odò ti yí gbirigbiri títí etí rẹ̀ fi tán. Òkúta tí wọ́n fọ́ ní kúárì ní igun, ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ níbì kan, ó mú níbòmíràn. Ti àyíká Àkúrẹ́ tún ní àwọ̀ tirẹ̀. Yàtọ̀ sí gíráníìtì eléérú, òkúta dúdú kan wà níbí tí àwọn onímọ̀ òkúta ń pè ní ṣánọ́káìtì, tí ojú rẹ̀ tuntun máa ń ní àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn. Òkúta bíi ti alágara tó wà nínú bátànì yẹn, mi ò rí i nínú òkìtì òkúta kankan tí a yẹ̀ wò.

A tún ìwé àpèjúwe náà kọ. Ti bíìmù lọ báyìí: "Kọnkéré eléérú, a kò rẹ́ ẹ, a kò kùn ún. Pákó arẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ní ìbú, 150 mìlímítà ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ wọn kò dọ́gba. Àmì ayùn wẹ́wẹ́ dábùú pákó. Etí símẹ́ǹtì ní ìlà ìpàdé méjèèjì, ó ga tó mìlímítà 2, ó kán níbi púpọ̀. Ihò afẹ́fẹ́ kéékèèké, wọ́n pọ̀ ní òkè. Kò dán rárá. Oòrùn ọ̀sán oṣù Kejìlá." Ti ògiri lọ báyìí: "Òkúta kúárì, ìdajì ínṣì, onígun, eléérú àti dúdú, ó yọ síta mìlímítà 4, bí èèyàn bá fọwọ́ rá a á gún un lọ́wọ́."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ́ńdà. Mo ní kó fi í sílẹ̀ jàre.

Ó ṣe àwòrán tuntun ní 4000, ó sì ṣe ọ̀kan tó sún mọ́ ògiri, ó gbé léèsì kan lé e lórí. Bí màmá ṣe rí i báyìí, wọ́n fọwọ́ kan òkúta inú ìwé náà bíi pé yóò gún wọn. Wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé irú èyí lẹ fẹ́ kí n gbé aṣọ lé?" Ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tí bírìkìlà fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn, mà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá béèrè pé ilẹ̀ tó ń dán ńkọ́, ṣé ó dé orí àtẹ̀gùn? Ó dé ibẹ̀. Wọ́n ní bí òjò bá rọ̀, ẹni tó bá gun un á ṣubú.

Bí wọ́n ṣe pààrọ̀ méjèèjì nìyẹn. Ògiri tí aṣọ ń kàn di èyí tí wọ́n máa lọ̀ dán, òkúta onígun sì lọ sórí àtẹ̀gùn méjèèjì, níbi tó ti máa di bàtà mú nínú òjò. Bírìkìlà ti fọ àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo lọ wò ó, mo gbé téèpù lé e: òkúta 22 ló wà nínú 300 mìlímítà.